Ìdì ni àbí abala?

Ìbéèrè, láti Ọ̀fà: Ẹ̀yin àgbà, kí ni ká máa pe Slide Sorter àti Section inú PowerPoint ní Yorùbá? Mo fẹ́ kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń tún síláìdì rẹpẹtẹ tò kíákíá.

Olùkọ́ kan, Òmù-Àrán: Slide Sorter, "àtẹ" ni. Bí ẹ bá tẹ View, tí ẹ tẹ Slide Sorter, gbogbo síláìdì á tẹ́ sílẹ̀ ní kéékèèké bí ata lórí àtẹ, ẹ ó sì rí èyí tó ṣìpò.

Section, èmi á pè é ní "ìdì". Mo ní síláìdì 64 lórí ìkòkò mímọ ní Ìlọrin, mo sì ti fi ọ̀rọ̀ títà ṣáájú amọ̀. Lórí àtẹ, mo fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ síláìdì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo yan Add Section, mo sọ wọ́n ní Títà, Amọ̀, Mímọ, Sísun. Síláìdì 2 tó ṣáájú wọn bọ́ sínú Default Section fúnra wọn. Mo wá tẹ orúkọ ìdì kan bákan náà, mo yan Collapse All. Orúkọ márùn-ún péré ló kù lójú, pẹ̀lú iye síláìdì tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wọ́ Títà, síláìdì 19, lọ sísàlẹ̀ Sísun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bàbá kan, Ìlọrin: Àsàlámù àlékùm. Àtẹ dáa. Ṣùgbọ́n "abala" ni gbogbo ìwé ń lò, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa rí nígbà tí a bá ń fi síláìdì hàn.

Olùkọ́, Òmù-Àrán: Bàbá, ẹ má bínú, orúkọ ìdì kì í hàn sí àwọn tó ń wòran. Àwa tí à ń tò ó nìkan ló wà fún. Ohun tó jẹ́ kí n di ìdì mú ni pé Remove Section á tú okùn, ẹrù á ṣì wà nílẹ̀, á dara pọ̀ mọ́ ìdì tó wà lókè rẹ̀. Remove Section & Slides ní tirẹ̀ á gbé ìdì nù tẹrùtẹrù. Olùkọ́ kan lọ́dọ̀ wa pàdánù síláìdì 11 báyìí, Ctrl+Z ló gbà á. Ta ló máa rí ìyàtọ̀ yẹn nínú "yọ abala"?

Ìyá kan, Àjàsẹ́-Ìpo: Èmi ò mọ̀ nípa orúkọ o. Mo kọ "ẹ wo síláìdì 14" sínú tèmi. Lẹ́yìn tí mo tò ó tán, ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà ní 14!

Olùkọ́, Òmù-Àrán: Ìyá wa, nọ́ńbà tí ẹ fọwọ́ tẹ̀ kì í yí padà. Ẹ lo Link tó wà lábẹ́ Insert, kí ẹ so ọ̀rọ̀ náà mọ́ síláìdì gan-an. Ibi yòówù tí síláìdì náà bá lọ, á bá a débẹ̀.

Bàbá, Ìlọrin: Mo gbọ́ ti okùn àti ẹrù, ó wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí wọ́n bá kọ "gbe idi nu", ìdì ni àbí ìdí? Abala ni mo ṣì ń kọ.