Ẹ jọ̀ọ́, owó àsansílẹ̀ dọ́là, ṣé a máa ń tún un ṣírò lópin ọdún?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ àkáǹtì. Ọ̀gá mi ní Adó-Èkìtì níbí ń ta kòkó sókè òkun, dọ́là ni wọ́n fi ń tà á, èmi ni mò ń kọ ìwé wọn. Ẹ jẹ́ ká ní ọjà 20,000 dọ́là lọ ní Nòfẹ́ńbà, dọ́là kan jẹ́ 1,500 náírà lọ́jọ́ yẹn, mo kọ títà 30 mílíọ̀nù, mo sì kọ iye kan náà sí gbèsè oníbàárà. Nígbà tó di 31 Dìsẹ́ńbà dọ́là ti di 1,550, gbèsè di 31 mílíọ̀nù, mo kọ mílíọ̀nù kan sí èrè pàṣípààrọ̀, mi ò fọwọ́ kan títà. Fẹ́búárì lowó wọlé ní 1,480, ìyẹn 29.6 mílíọ̀nù, mo bá kọ àdánù 1.4 mílíọ̀nù sọ́dún tuntun. Ọ̀gá (wọn kì í fẹ́ gbọ́ àdánù rárá) ní 400,000 péré làwọn pàdánù, kí n lọ dín títà kù. Mo ní kò ṣeé ṣe, títà ti dúró látọjọ́ tọ́jà ti lọ.

Ibi tó rú mi lójú nìyí: oníbàárà míì san 5,000 dọ́là sílẹ̀ ní 1,450 kọ́jà tó lọ. Dọ́là tó wà ní báńkì, mo mọ̀ pé mo máa tún un ṣírò lópin ọdún, àmọ́ àsansílẹ̀ yẹn ńkọ́, nígbà tó jẹ́ kòkó la jẹ ẹ́, kì í ṣe owó? Ṣé kí n fi sílẹ̀ ní 1,450, kí apá yẹn nínú títà náà sì jẹ́ 1,450 tọ́jà bá lọ?