Lẹ́tà fún ẹni tí iṣẹ́ àgbàṣe bọ́ sí lọ́wọ́, àti fún àwọn tí kò bọ́ sí lọ́wọ́

Atúmọ̀ èdè: Ẹ jọ̀wọ́, mo ń túmọ̀ lẹ́tà méjì fún iṣẹ́ kíkọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí Báńkì Àgbáyé ń náwó sí. Ọ̀kan ń lọ sọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n yàn, ìkejì sọ́dọ̀ àwọn tí wọn ò yàn. Mo pe àkọ́kọ́ ní "ìwé ìfúnni-níṣẹ́", mo pe ìkejì ní "lẹ́tà àbámọ̀". Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Olùkọ́ èdè Yorùbá: Àbámọ̀ kò bọ́ sí i rárá. Ẹni tó ti ṣe ohun tí kò yẹ ló ń ṣe àbámọ̀. Bí iléeṣẹ́ bá kọ ọ́ sórí lẹ́tà, agbaṣẹ́ṣe á ní wọ́n ti gbà pé àwọn yan ẹni tí kò yẹ. "Ìwé ìkẹ́dùn" ni kí ẹ lò.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ téńdà: Ẹ ṣeun, sà. Òótọ́ lọ̀rọ̀ yín lórí àbámọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú la máa ń kọ̀wé ìkẹ́dùn sí.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni "ìfúnni-níṣẹ́". Lábẹ́ ìlànà Báńkì Àgbáyé, lẹ́tà tó kọ́kọ́ ń jáde kò fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Èrò ọkàn iléeṣẹ́ ló ń sọ, gbogbo àwọn tó díje ló sì ń lọ bá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dúró fún ọjọ́ iṣẹ́ 10, kí ẹni tó bá ní ẹ̀sùn lè mú un wá. Bí ẹ bá kọ "a ti fún yín níṣẹ́" síbẹ̀, agbaṣẹ́ṣe lè yáwó ra sìmẹ́ńtì lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ̀sùn bá wá yí èsì padà, ta ni yóò san gbèsè yẹn? Ẹ pè é ní "ìfitónilétí èrò láti gbé iṣẹ́ fún". Ìwé tó dè wọ́n pọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 10 náà. Èyí ni mo máa ń pè ní "ìwé ìtẹ́wọ́gbà", nítorí iye owó tí agbaṣẹ́ṣe dá ni iléeṣẹ́ ń tẹ́wọ́ gbà.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan: Kí ló dé tí a ò kàn kọ "ẹ ti jáwé olúborí"? Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ téńdà: Ìdíje ti parí lọ́rọ̀ yẹn, àbùrò. Kò tíì parí.

Ní ti àwọn tí wọn ò yàn, ohun tó wà nínú lẹ́tà ló yẹ kó sọ orúkọ rẹ̀. Orúkọ ẹni tí wọ́n yàn àti iye owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye tí àwọn yòókù dá, àti ìdí pàtó tí iṣẹ́ kò fi bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó gba lẹ́tà. Ká ní ẹnì kan dá mílíọ̀nù 38 náírà, tí wọ́n sì yan ẹni tó dá mílíọ̀nù 41. Àkọ́kọ́ á bínú, àyàfi bí lẹ́tà bá sọ ọ́ báyìí: "A ní kí ìwé onídùúró báńkì yín ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ 16 ni tiyín parí, nítorí náà a kò dé orí iye owó yín." Bí ẹ bá kàn kọ pé "ìwé yín kò kúnjú òṣùwọ̀n", ẹ ti pe ẹ̀sùn wá. Nítorí náà, "ìwé àlàyé èsì" ni mo fara mọ́.

Agbaṣẹ́ṣe kan: Owó ìjọba àpapọ̀ ni tèmi, kì í ṣe ti Báńkì Àgbáyé. Ìdúpẹ́ nìkan ló wà nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi. Ṣé ọjọ́ 10 yẹn kàn mí? Ìgbà wo ni wọ́n sì máa dá ìwé onídùúró mi padà?

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ téńdà: Kò kàn yín. Òfin ọdún 2007 lórí bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń gbé iṣẹ́ jáde ló de tiyín: ọjọ́ iṣẹ́ 15 lẹ ní, láti ìgbà tí ẹ bá ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, láti fi ẹ̀sùn yín ránṣẹ́ ní kíkọ sí ọ̀gá tó ń bójú tó owó iléeṣẹ́ náà. Ẹ má jókòó ti ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ní ti ìwé onídùúró, ìlànà Báńkì Àgbáyé tí mo mọ̀ dáadáa ni mo lè sọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹni tí wọ́n yàn bá ti buwọ́ lùwé, tó sì ti mú ìwé onídùúró iṣẹ́ wá, ni wọ́n ń dá ti àwọn yòókù padà. Ọjọ́ 28 ni wọ́n sábà ń fún un. Bó bá yẹ̀ ẹ́, ẹlòmíì ni wọ́n á pè. Atúmọ̀ èdè, ẹ má ṣe kọ "ẹ wá gba ìwé yín" sínú lẹ́tà àkọ́kọ́ o.

Olùkọ́ èdè Yorùbá: Mo ti jọ̀wọ́ ìkẹ́dùn. Ṣùgbọ́n "ìwé àlàyé èsì" le jù. Ẹni tó ná owó àti àkókò sí ìdíje yẹ lẹ́ni tí a ń bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ó kéré tán, kí ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ "Ó dùn wá pé iṣẹ́ yìí kò bọ́ sí yín lọ́wọ́".

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ téńdà: Mo gba ìlà yẹn, sà, bí ìdí pàtó bá tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Àkọlé ni mi ò tíì gbà.

Atúmọ̀ èdè: Màá lo "ìfitónilétí èrò". Ní ti èkejì, ṣé ẹnikẹ́ni ní orúkọ tó rọ̀ ju "àlàyé èsì" lọ, tí kò ní dà bí ọ̀rọ̀ òkú?