Ohùn Bàbá tó lọ sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn: báwo la ṣe lè gbé e sókè?

Ọmọ Gwárínpá: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Máìkì orí tábìlì kan ṣoṣo la fi gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Bàbá wa sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Wúsè. Nígbà tí wọ́n dúró nídìí rẹ̀, ohùn wọn ń kan -12 dB. Bí wọ́n ṣe bọ́ sáàárín èrò, ó já sí -26. Audacity ni mo fi ń tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ wa lókè òkun ń retí rẹ̀.

Ìyá Kánò: Kò le rárá. Yan gbogbo rẹ̀, kí o lo Normalize.

Ọmọ Gwárínpá: Mo ti lò ó, mà. Kò yàtọ̀.

Bàbá Kàdúná: Ìmọ̀ràn Ìyá wa dára bí ohùn bá kéré bákan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àmọ́ ohun tó ga jù nínú fáìlì ni Normalize ń wò. Bí àtẹ́wọ́ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 0 dB, tó jẹ́ òkè pátápátá, kò sí àyè tí yóò gbé ohùn Bàbá sí.

Má sáré gbé ohùn sókè. Bàbá ló rìn lọ, ẹ̀rọ amúlétutù kò kúrò lójú kan. Tí o bá fi 14 dB kún ohùn wọn, ariwo ẹ̀rọ náà á fi 14 gòkè. Kọ́kọ́ dín ariwo kù nígbà tó ṣì wà ní ìwọ̀n kan náà jákèjádò. Yan ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ̀rọ̀, ṣí Noise Reduction, tẹ Get Noise Profile. Lẹ́yìn náà yan gbogbo fáìlì, tún ṣí Noise Reduction, fi 9 dB dín in kù. Bí ohùn bá ń dún bíi pé abẹ́ omi ló ti ń wá, o ti dín in jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, yan ibi tí Bàbá ti rìn lọ nìkan, fi Amplify gbé e sókè ní 10 dB. Mi ò ní gbé e dé 14, kí ariwo má baà fò sókè lójijì. Ibi tí wọ́n ti sinmi mí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o sì parí síbi ìsinmi mìíràn. Bí àtẹ́wọ́ bá wà láàárín, rẹ ìyẹn sílẹ̀ ná.

Bàbá Jọ́ọ̀sì: Ṣebí máìkì tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ ni kí ẹ rà?

Ọmọ Gwárínpá: Èyí tí a ti gbà sílẹ̀ ni mò ń sọ, sà.

Ìyá Kánò: Tèmi ní ṣọ́ọ̀ṣì, agbádá ń ha máìkì yẹn ṣáá.

Ọmọ Gwárínpá: Bàbá Kàdúná, ẹ ṣeun, sà. Ọ̀rọ̀ ti ṣeé gbọ́ báyìí. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ohùn ń dún padà lára ògiri.

Bàbá Kàdúná: Ìyẹn ò ṣeé yọ pẹ̀lú ohun tí o ní lọ́wọ́. Bí ẹnu bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí máìkì, nǹkan bí 6 dB ń lọ nínú ohùn tààrà, ti ògiri kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dín. Bí o bá ṣe ń gbé e sókè tó ni ti ògiri á máa gòkè. Èmi á gé apá yẹn kúrò.

Ìyá Kánò: Ẹ má gé e o! Ibẹ̀ ni wọ́n ti dáhùn ìbéèrè àwọn ọ̀dọ́. Kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ohùn.