Ṣé ìbànújẹ́ ni, àbí ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ ló ń rẹ̀ mí?

Bàbá Olùkọ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ó ti pé ọdún 2 tí kíndìnrín mi ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀, wákàtí 4 nígbà kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń dùn mí jù ni omi: ìyàwó mi ń fi ife wọn ọ́n fún mi bí ẹni ń wọn oògùn fún ọmọdé, inú sì ń bí mi débi pé mo ń jí omi mu lóru. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mọ̀ọ́mọ̀ pa ìfọ̀ kan jẹ. Ó ti tó oṣù kan báyìí tí rédíò tí mo fẹ́ràn kò dùn létí mi mọ́. Kí ló ń ṣe mí gan-an?

Àgbà Ìkirè: Ẹ̀jẹ̀ yín ló dín kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára, ara yín á sì le.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Àtọ̀gbẹ ni tèmi, mo sì máa ń kanra mọ́ àwọn ọmọ tó bá ń jẹ iyán lójú mi. N kò tíì rí ojútùú sí i.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì: Òótọ́ ni Àgbà sọ pé àìtó ẹ̀jẹ̀ máa ń bá àìsàn yìí rìn, ó sì ń fa àárẹ̀, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó ń mú ara dá ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè kọ́ ara láti máa bá kíndìnrín àfirọ́pò jà lọ́jọ́ iwájú. Omi òru yẹn ńkọ́? Bí ẹ bá fi kílò 4 wúwo sí i láàárín ìfọ̀ méjì, nǹkan bíi lítà 4 omi ni ẹ̀rọ máa fà láàárín wákàtí 4. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, iṣan ẹsẹ̀ á fà, ẹ ó sì wà lórí ibùsùn títí di ọjọ́ kejì. Iyọ̀ ló ń dá òùngbẹ sílẹ̀ jù, ẹ kọ́kọ́ dín màgí kù kí ẹ tó bá ife jà.

Àárẹ̀ ẹ̀rọ sábà máa ń lọ bí ẹ bá ti sùn. Èyí tó bá dúró tì yín lọ́jọ́ tí ẹ kò fọ̀jẹ̀ pàápàá, tó sì ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, ọ̀rọ̀ dókítà ni; ẹ má sì lọ ra oògùn rẹ̀ fúnra yín, nítorí oògùn mìíràn kì í jáde lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ìfọ̀ tí ẹ pa jẹ yẹn, ṣé ó sú yín ni, àbí ẹ fẹ́ kú?

Bàbá Olùkọ́: Mo wọn ara mi láàárọ̀ yìí. Kílò 68 ni mo jẹ́ lẹ́yìn ìfọ̀ tó kọjá, ó ti di 71 àti ààbọ̀. N óò sọ ti omi fún àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi ní Ọjọ́bọ̀. Ní ti ìbéèrè yín tó kẹ́yìn, ó sú mi ni, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan, kì í ṣe pé ó sú mi nìkan. N kò tíì sọ fún ìyàwó mi.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì: Ẹ sọ fún un lálẹ́ òní, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ bá dókítà láàárọ̀ ọ̀la, ẹ má dúró de Ọjọ́bọ̀.