Ìyẹ̀fun kòkó, ṣokoléètì àti kaféènì: kí ni ká pè wọ́n?

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Mò ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn aboyún tó ń sọ Yorùbá níbí. Ìwé náà ní kí kaféènì, èròjà tó ń lé oorun lọ, tí aboyún ń jẹ tàbí tó ń mu lójúmọ́ má ṣe ju mílígíráàmù 200 lọ. Ṣé ohun kan náà ni ìyẹ̀fun kòkó àti ṣokoléètì? Ṣé kaféènì wà nínú ìyẹ̀fun yẹn? Kí ni ká sì máa pè wọ́n?

Bàbá Fẹ́mi, Ifẹ̀:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Kókò kì í lé oorun lọ, ẹ má dá wọn lóhùn. Òun ni ìyá wa máa ń sè fún wa lásìkò tí iṣu bá wọ́n, a ó sì sùn fọnfọn. Àmọ́ ẹ sọ fún àwọn aboyún kí wọ́n sè é jinná dáadáa, nítorí tí kò bá jinná, á máa yún wọn lọ́fun. Èmi ò mọ̀ pé wọ́n tún ń fi ṣe ṣokoléètì.

Tíṣà Àgbà, Ìbàdàn:
Bàbá Fẹ́mi, kòkó ni wọ́n ń wí, kì í ṣe kókò. Ẹ wo àmì ohùn dáadáa.

Bàbá Fẹ́mi:
Háà! Fóònù mi kì í fi àmì ohùn hàn.

Tíṣà Àgbà:
Ìyá Ìbejì, ohun kan náà ni wọ́n. Ẹ lọ kòkó, ẹ da ṣúgà sí i, ṣokoléètì dé. Kaféènì kò sí nínú rẹ̀ rárá, inú kọfí ló wà, orúkọ rẹ̀ gan-an sì ń sọ bẹ́ẹ̀. Tiobúróómínì ló wà nínú kòkó, ìyẹn ò sì le tó kaféènì. Nítorí náà, ẹ pe ìyẹ̀fun yẹn ní "kòkó lílọ̀", ẹ pe ṣokoléètì ní "kòkó aládùn", kí ẹ sì pe kaféènì ní "oró kọfí". Ó parí.

Àbẹ̀kẹ́, Àkúrẹ́:
Ẹ má bínú, sà. Mo ti ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ kan tó ń fún òróró kòkó, ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Òótọ́ lẹ sọ nípa tiobúróómínì. Àmọ́ "kòkó lílọ̀" yẹn, ohun mìíràn lọ́tọ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá ti bo kòkó, tí wọ́n sá a, tí wọ́n yan án, tí wọ́n sì fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, ó lé ní ìdajì inú rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀rá. Ẹ wá gbé e sínú ọlọ. Kò ní di ìyẹ̀fun láéláé. Ooru ọlọ á yọ́ ọ̀rá yẹn, gbogbo rẹ̀ á di ọbẹ̀ dúdú tó ki, tó bá sì tutù á dì gbagidi. Ìyẹn gan-an ni kòkó lílọ̀. Ẹ ò lè rọ ọ́ sínú agolo kí ẹ máa fi ṣíbí bù ú.

Kí ó tó lè di ìyẹ̀fun, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún ọ̀rá rẹ̀ kúrò. Van Houten ará Amsitadámù ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yẹn ní 1828. Ọ̀rá á ṣàn jáde, ohun tó kù á le bíi pákó, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á tún lọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀pà: wọ́n fún òróró rẹ̀, wọ́n sì fi èyí tó kù ṣe kúlíkúlí. Ìyẹ̀fun kòkó ni kúlíkúlí kòkó. Ọ̀rá tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sí méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀nà mìíràn ni ṣokoléètì gbà. Wọn ò yọ ọ̀rá nínú tirẹ̀, ńṣe ni wọ́n tún fi òmíràn kún un, pẹ̀lú ṣúgà, àti mílíìkì nínú irú èyí tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn. Ilé iṣẹ́ Fry ní Brístọ́ọ̀lù ló ṣe irú èyí tó dì, tó ṣeé gé jẹ, ní 1847, nígbà tí wọ́n da ọ̀rá kòkó padà sínú ìyẹ̀fun àti ṣúgà. Nítorí náà, ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀kan ni wọ́n fi ta èkejì lọ́rẹ.

Ọlá, Ọ̀ṣogbo:
Ẹ̀n-ẹ́n! Ó yé mi wàyí ìdí tí kéèkì mi fi gbẹ. Wọ́n ní kí n yọ́ ṣokoléètì tí kò ní ṣúgà sí i, mi ò rí rà, mo wá bu ìyẹ̀fun ìwọ̀n kan náà. Ó le débi pé oníbàárà mi bi mí bóyá kéèkì àná ni.

Àbẹ̀kẹ́:
Ọ̀rá ló gbẹ nínú rẹ̀, Ọlá. Tí wọ́n bá ní kí o lo nǹkan bíi gíráàmù 28 ṣokoléètì tí kò ní ṣúgà, bu ìyẹ̀fun ṣíbí ńlá mẹ́ta, kí o sì fi bọ́tà tàbí òróró ṣíbí ńlá kan kún un. Á jọ ọ́.

Mo fẹ́ padà sórí kaféènì. Sà, kaféènì wà nínú kòkó. Tiobúróómínì pọ̀ jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn ò sọ pé kò sí. Kì í bá ọ̀rá ṣàn jáde, ara èyí tó kù lẹ́yìn ìfúnpọ̀ ló máa ń wà. Ìyẹn ló jẹ́ kó pọ̀ nínú ìyẹ̀fun ju inú ṣokoléètì lọ, tí a bá wọn gíráàmù sí gíráàmù. Ìyẹ̀fun gíráàmù 100 ní nǹkan bíi mílígíráàmù 230. Ṣokoléètì funfun ńkọ́? Ọ̀rá kòkó, ṣúgà àti mílíìkì nìkan ni, nítorí náà a lè sọ pé kaféènì ò sí nínú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
230 kẹ̀! Ìyẹn ti ju 200 tí ìwé mi sọ lọ. Ṣé kí n kọ ọ́ pé kí aboyún má fẹnu kan kòkó ni?

Àbẹ̀kẹ́:
Rárá o, mà. Ta ló ń po gíráàmù 100 mu? Ṣíbí ńlá kan tí kò kún gègèrè jẹ́ bíi gíráàmù 5, kaféènì inú rẹ̀ kò ju bíi 12 lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ kan ṣírò. Aboyún kan mu kọ́ọ̀bù ńlá tíì kan láàárọ̀, ìyẹn bíi 75. Ó tún mu òmíràn lọ́sàn-án, ó di 150. Ó jẹ ṣokoléètì onímílíìkì gíráàmù 50, ìyẹn ò tó 10. Lálẹ́ ó po ìyẹ̀fun kòkó ṣíbí méjì, ìyẹn 24. Àpapọ̀ rẹ̀ kò ju 184 lọ. Tó bá tún wá mu tíì ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó di 259, ó ti ré kọjá. Ẹ rí i pé tíì ló gbé e kọjá, kì í ṣe kòkó.

Tíṣà Àgbà:
Mo gbà. Àmọ́ ẹ̀yin méjèèjì ò tíì rí ibi tí wàhálà ìtumọ̀ yìí wà. Kí ni à ń pè ní tíì nílé wa? Mílò, tíì ni. Bọnfíta, tíì ni. Ọmọ á ní "mo fẹ́ mu tíì", ìyá rẹ̀ á sì po Mílò fún un. Tí Ìyá Ìbejì bá kọ "tíì ní kaféènì púpọ̀", aboyún á gbé Mílò jù sẹ́yìn, á sì lọ máa mu Líptọ̀n, kó lè baà lọ́wọ́ sí ìlera rẹ̀!

Àbẹ̀kẹ́:
Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, sà. Èmi gan-an ò ronú kàn án. Ọkà tí wọ́n mú hù, ṣúgà àti mílíìkì ni wọ́n po mọ́ kòkó nínú irú Mílò bẹ́ẹ̀. Kòkó inú rẹ̀ kò pọ̀ tó ti ìyẹ̀fun kòkó gan-an, nítorí náà kaféènì rẹ̀ kéré sí i.

Ìyá Ìbejì:
"Tíì ewé" ni màá kọ nígbà náà, màá sì sọ pé irú ti Líptọ̀n. Ẹ jẹ́ ká parí ti orúkọ. Ṣé "ìyẹ̀fun kòkó" dára?

Tíṣà Àgbà:
Kò dára. Tí a bá gbọ́ ìyẹ̀fun, ohun tí a ń rò nínú omi gbígbóná ló ń wá sọ́kàn. Wọ́n á ní kí a rò ó ká fi ewédú jẹ ẹ́. "Ẹ̀tù kòkó" ni mo fọwọ́ sí.

Ọlá:
Ẹ̀tù kẹ̀, sà? Aboyún tó bá rí ẹ̀tù nínú ìwé ilé ìwòsàn, ìbọn ló máa rò tàbí àgúnmu. Pawúdà là ń pè é lọ́jà. Kí ló dé tí a ò lè kọ "pawúdà kòkó"?

Àbẹ̀kẹ́:
Ohunkóhun tí ẹ bá mú, kó má ṣáà jẹ́ "lílọ̀". Ní ti ọ̀rá rẹ̀, òróró ni a ń pè é níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo rò pé "òrí kòkó" ló tọ́, torí ó ń dì bí òrí. Kí ó tó yọ́, ó tó bí ìwọ̀n 34 lórí ẹ̀rọ ìwọnooru. Ara wa gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, òun ló fi ń yọ́ lẹ́nu.

Ọlá:
Èyí tí wọ́n ń tà nínú oòrùn ní gáréèjì tí kì í yọ́ ńkọ́?

Àbẹ̀kẹ́:
Wo ara pépà rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń fi ìyẹ̀fun kòkó, ṣúgà àti òróró inú ekùrọ́ ṣe irú ìyẹn, láìsí òrí kòkó. Òfin àwọn ìlú kan ò gbà kí wọ́n pè é ní ṣokoléètì. Ká máa pè é ní kí ni lédè wa, mo fi sílẹ̀ fún Tíṣà.

Tíṣà Àgbà:
Ayédèrú ni. Ẹ jẹ́ ká wá sórí "oró kọfí".

Bàbá Fẹ́mi:
Ẹ̀yin Tíṣà, ẹ gbà mí láyè. Kí kọfí tó dé ilẹ̀ wa, kí ni àwọn ọdẹ àti àwọn awakọ̀ ń jẹ kí oorun má baà gbé wọn lọ? Obì ni! Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ló wà níbẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́:
Òun náà ni, bàbá. Inú kọfí ni Runge, ará Jámánì, ti kọ́kọ́ yọ ọ́ lọ́tọ̀ ní 1819, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ kọfí. Ti obì gbígbẹ tó ìdá kan sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ti ìyẹ̀fun kòkó kò tó ìdá kan, ó kàn lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀.

Bàbá Fẹ́mi:
Ẹ pè é ní "oró obì" nígbà náà.

Tíṣà Àgbà:
Tí a bá lè pè é ní oró obì, a jẹ́ pé ẹ ti gbà kí n lo "oró". Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí kọfí, torí ìwé ìlera ni.

Ọlá:
"Oró" ò dára rárá, oró ejò ló ń rán mi létí. "Alé-oorun" ńkọ́?

Ìyá Ìbejì:
Èyí tí mo kọ nìyí, ẹ bá mi wò ó: "Kaféènì ni èròjà tó ń lé oorun lọ. Ó pọ̀ nínú kọfí àti tíì ewé irú ti Líptọ̀n. Ó wà nínú ṣokoléètì àti ohun mímu tí a fi pawúdà kòkó pò, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Tí o bá ń jẹ obì, kà á mọ́ ọn."

Obì kò sí nínú ìwé òyìnbó tí wọ́n fún mi. Àwọn aboyún tí mo mọ̀ níbí ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ nítorí èébì òwúrọ̀. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá tó rán mi níṣẹ́ bóyá mo lè fi kún un, kò tíì dá mi lóhùn.

Tíṣà Àgbà:
Ẹ fi sí i. Àmọ́ "pawúdà" yẹn, mi ò fọwọ́ sí i.