Dioscorea alata: kí ni ká pe ọ̀rọ̀ méjèèjì?

Olùbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ìwé bàọ́lọ́jì ni mò ń túmọ̀ fún àwọn ọmọ girama. Wọ́n kọ *Dioscorea alata* síbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ewùrà. Kí ni ọ̀rọ̀ kìíní ń sọ fún òǹkàwé, kí ni ìkejì ń sọ, kí ni mo sì lè pè wọ́n?

Atúmọ̀-èdè: Èyí ò le. Ẹ pe ti ìṣáájú ní orúkọ ìdílé, kẹ́ ẹ pe ìkejì ní orúkọ àbísọ. Bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ọmọ sínú rẹ́jísítà náà nìyẹn.

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì: Bọ̀ọ̀dá, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Lóòótọ́, *Dioscorea* ló ń sọ àwọn tó bá ewùrà tan: isu funfun ni *D. rotundata*, èsúrú ni *D. dumetorum*. Ṣùgbọ́n ìdílé ti wà lókè wọn, Dioscoreaceae ni wọ́n ń kọ ọ́. Bí ẹ bá ti ná ọ̀rọ̀ yẹn tán nísàlẹ̀, kí lẹ fẹ́ pe tòkè? “Ìran” ni èmi ń lò fún ọ̀rọ̀ kìíní.

Ìkejì kò sì lè dá rìn bí orúkọ àbísọ. “Abìyẹ́” ni ìtumọ̀ *alata* ní èdè Látìn. Ẹ wo ìtàkùn ewùrà: onígun mẹ́rin ni, etí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì yọ lójú igun kọ̀ọ̀kan. Ìtàkùn isu funfun kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ *Senna alata* náà wà, àsùnwọ̀n òyìnbó, èso tirẹ̀ ló ní ìyẹ́. Ẹni tó bá kọ *alata* nìkan kò tíì dárúkọ ohunkóhun. Ìdí nìyí tí a fi lè gé *Dioscorea* kù sí *D.* lẹ́yìn tí a bá ti kọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan, tí a kì í sì í gé ìkejì.

Ará Ìjẹ̀bú: Ewùrà la fi ń se ìkọ́kọrẹ́, isu funfun kì í ṣe é dáadáa. Ṣé Látìn yẹn sọ ìyẹn ṣá?

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì: Kò sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Kódà, ohun tó sọ lè ṣini lọ́nà. Lamarck, ará Faransé, ló sọ isu tí inú rẹ̀ pupa rúsúrúsú ní *D. cayenensis*, ìyẹn ti Cayenne, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ wa níhìn-ín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni isu náà ti wá. Òfin ìsọlórúkọ ewéko kò sì gbà ká pa orúkọ rẹ́ nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò bá nǹkan náà mu.

Atúmọ̀-èdè: Mo fara mọ́ ọn nípa ti ìdílé. “Ìran” ni kò tíì wọ̀ mí létí. Ìran bàbá sí ọmọ ni ọmọ girama máa gbọ́. “Ẹgbẹ́” ńkọ́?

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì: Ẹgbẹ́ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ kan náà, bọ̀ọ̀dá.

Olùbéèrè: N ó lo “ìran” ná, n ó sì pe ìkejì ní “àfikún ìyàtọ̀”. *Rotundata* ló kù: mo ti rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ *cayenensis*, tí orúkọ fi di ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì: Àwọn onímọ̀ kan kà á sí ẹ̀ka rẹ̀, àwọn mìíràn yà á sọ́tọ̀. Ẹ tẹ̀ lé ìwé tí ẹ ń túmọ̀.