Adọ̀dọ́ tó fà sẹ́yìn tí kò padà mọ́: ṣé ó lè dúró di ọ̀la?

Ọmọ Bàbá: Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n fi rọ́bà ìtọ̀ sí bàbá wa lára láàárọ̀. Nígbà tí mo ń wẹ̀ fún wọn nírọ̀lẹ́, mo rí i pé adọ̀dọ́ wọn ti ká sẹ́yìn, ó wú bí òrùka sí ọrùn okó, orí rẹ̀ náà sì ti pọ́n. Ṣé ó lè dúró di ọ̀la?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Kò lè dúró o. Ẹni tó ki rọ́bà náà bọ̀ ọ́ fa awọ sẹ́yìn kó lè rí ojú ihò, ó wá gbàgbé láti dá a padà. Awọ yẹn ti di okùn. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rọ́nà jáde, ló fi ń wú. Bó sì ṣe ń wú ni okùn ń fún un sí i. Tó bá pẹ́, ẹ̀jẹ̀ tuntun kò ní ráàyè wọlé mọ́, ẹran ibẹ̀ lè kú.

Ẹ wo orí okó náà dáadáa. Tó bá ti dúdú, tó tutù, tàbí tí wọn kò mọ̀ ọ́n lára tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ má gbìyànjú nǹkan kan, ilé ìwòsàn ni. Tó bá ṣì pọ́n, ẹ lè gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan kí ọkọ̀ tó dé. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ di ibi tó wú mú, kẹ́ ẹ fún un pẹ̀lẹ́ láìtú ọwọ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, títí á fi rọ̀. Ẹ wá fi àtàǹpàkò méjèèjì ti orí okó sẹ́yìn, kí àwọn ìka yòókù máa fa awọ bọ̀ wá síwájú. Títì yẹn ló ń ṣiṣẹ́ ju fífà lọ. Ẹ má fa rọ́bà yọ o.

Jagun: Áìsì ni kẹ́ ẹ gbé lé e tààrà, kíá ló máa wálẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ó ń dín wíwú kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi aṣọ wé e, kó má ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti dé dáadáa, òtútù tún lè bà á jẹ́.

Jagun: Ṣúgà náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń bù ú lé e kó lè fa omi jáde.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ó ń fà á, àmọ́ ó lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀. Èmi kì í fi wákàtí ṣòfò síbẹ̀.

Màmá Tólú: Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún 3, tiẹ̀ kò tíì fà sẹ́yìn rí. Tó bá ń tọ̀, awọ náà á wú bí bàlúùnù. Ṣé kí n gbé e lọ lálẹ́ yìí?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Rárá, Mọ́mì, tiyín yàtọ̀. Bó ṣe máa ń rí lára ọmọdé nìyẹn, ó máa ń tú fúnra rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ẹ má fipá fà á: tó bá ya, àpá rẹ̀ ló máa wá há a mọ́lẹ̀ ní tòótọ́. Àfi tí kò bá lè tọ̀ mọ́, tàbí tí ibẹ̀ wú tó pọ́n tí ara rẹ̀ sì ń gbóná, ìyẹn kò gbọdọ̀ dúró.

Ọmọ Bàbá: A di í mú fún ìṣẹ́jú 10, ó rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọjá. A ti wà lójú ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ó dáa. Gbàrà tẹ́ ẹ bá dé, ẹ sọ fún àwọn dókítà aago tí wọ́n ki rọ́bà náà bọ̀ ọ́. Tí ọwọ́ tiwọn náà kò bá dá a padà, wọ́n á fún bàbá ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ibẹ̀ dùn wọ́n, wọ́n á sì la awọ tó fún náà.